Ta Ló Ṣe Ìpara Yìí? Àkọsílẹ̀ Lórí Ike Méjìlá Láti Ọjà Ọba, Ìlọrin

Àlájà kan tó ń ta ọṣẹ àti ìpara ní Ọjà Ọba ra páálí ìpara kan, ike méjìlá, lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò bá rajà rí. Ọkùnrin náà gbé e wá bá a ní ìsọ̀, ó sì fi ₦400 dín owó ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí iye tí Àlájà ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Ike kan ṣoṣo ló tíì tà nínú rẹ̀ tí oníbàárà fi gbé e padà wá. Ojú obìnrin náà ti pọ́n, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń bó. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń lo ìpara yìí, kò sì ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Àlájà ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ya fọ́tò ike náà, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa, nítorí a mọ̀ nípa irú rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe èyí?"

Fọ́tò àkọ́kọ́ kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Orí ìró àǹkárá ni wọ́n gbé ike náà kà, wọ́n tan iná fóònù sí i, iná náà sì tàn yòò lójú lébẹ́ẹ̀lì débi pé ìdajì àwọn lẹ́tà ti di funfun. Ohun tó hàn kò ju ike funfun ẹlẹ́nu fẹ̀ǹfẹ̀ kan, ìdérí aláwọ̀ wúrà, orúkọ ìpara, àti Paris gàdàgbà lábẹ́ orúkọ náà. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ilẹ̀ Faransé ló ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tóbi jù níwájú ike kì í sọ ẹni tó ṣe é, nítorí apá kan orúkọ ọjà ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ ẹni tó ṣe é sí, ní lẹ́tà wínníwínní, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀.

Nítorí náà, a ní kí wọ́n tún fọ́tò yà. Kí wọ́n lẹ téépù mọ́ ìdérí ike kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ 1 títí dé 12 sí i, kí ọ̀kan má bàa dà pọ̀ mọ́ èkejì. Kí wọ́n gbé ike síbi fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa wá láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má sì tan iná fóònù. Kí ẹni tó ń yà á fi ìṣísẹ̀ méjì jìnnà sí i, kó wá fi fóònù fà á mọ́ra, nítorí fóònù tó bá sún mọ́ nǹkan jù máa ń mú kí iwájú rẹ̀ wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dà bí èyí tó fún, ìwọ̀n ike á wá di irọ́. Kí wọ́n ya iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ìdí. Fún ti ìdí, kí wọ́n dojú ike délẹ̀, kí wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn àmì tó yọ lára ike lè ní òjìji. Kí wọ́n má nu ìdí ike rárá, ìbáà dọ̀tí. Kí wọ́n sì fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bíi `Document`, torí pé tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, Wásáàpù á fún un pọ̀, àwọn lẹ́tà kéékèèké á sì di ẹrẹ̀.

A tún bèèrè ohun kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo fọ́tò lọ: ṣé ike àtijọ́ kankan ṣì wà nílé? Ó wà. Ọ̀kan wà lórí pẹpẹ tí wọn kò tíì ṣí, láti ara ọjà tí Àlájà rà lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ náà. Èkejì ti ṣófo, bọ́tìnnì ni Àlájà ń kó sínú rẹ̀. Láìsí irú ike bẹ́ẹ̀ láti fi wé e, àbá lásán ni ẹni tó ń wo fọ́tò máa ń dá.

Ìrísí ike la kọ́kọ́ wò, kò sì gba àkókò. A ní kí wọ́n gbé owó ₦500 dúró ti ike kí wọ́n tó ya á, nítorí ìwọ̀n owó náà kì í yí padà: 151 mílímítà ní gígùn, 78 ní fífẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn fọ́tò náà, fífẹ̀ owó gba 357 nínú àwọn tóótòòtó kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, fífẹ̀ ike gba 412. Tí a bá pín 412 sí 357, tí a sì fi 78 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 90 mílímítà. Bákan náà ni ike àtijọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlájà ti rí ike tó jọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ó sì ti ń rò pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ike máa ń ṣe irú kan náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà, ilé iṣẹ́ ìpara mẹ́wàá sì lè máa ra ike kan náà. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí wọ́n ń da ike yíyọ́ sí, ni ìrísí tó lè sọ nǹkan kan. Ti ibí yìí ní òrùka méjì tó yọ yíká èjìká ike, àti òdòdó kan tó yọ láàárín ìdérí. Ike orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní òrùka. Àwọn méjìlá náà ní, àwọn méjì àtijọ́ náà ní.

Ara wọn dán yíká, kò sí ojú ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ sókè-sódò, ojú kóńkó kan sì wà láàárín ìdí níbi tí ike yíyọ́ gbà wọnú mọ́ọ̀dù. Ike tí wọ́n bá fi afẹ́fẹ́ fẹ̀ máa ń ní ìlà lọ́tùn-ún lósì, àti àpá gígùn kan nídìí. Ike ayédèrú olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Títí dé ibí yìí, gbogbo nǹkan ń sọ pé ilé iṣẹ́ kan náà ni.

Ìdí ike ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun mẹ́rin ló yọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń pè wọ́n ní ohun tí wọn kì í ṣe. Nọ́ńbà 5 tó wà nínú ọfà onígun mẹ́ta ń sọ irú ike tó jẹ́, kò kan ìpara. Àmì kékeré tó dà bí orúkọ jẹ́ ti ẹni tó ṣe ike, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe ìpara, ìyẹn ló sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Nọ́ńbà tó dá wà, 7 lára ike kan, 11 lára òmíràn, ń sọ ojú mọ́ọ̀dù tí ike náà ti jáde. Mọ́ọ̀dù kan lè ní ojú méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ike tó ti inú gbogbo wọn jáde á sì dà pọ̀ kí wọ́n tó rọ ìpara sí wọn. Nítorí náà, tí nọ́ńbà yìí bá yàtọ̀ síra nínú páálí kan, kò burú rárá. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ pe ọjà ní ayédèrú ti ṣe àṣìṣe.

Ìkẹrin ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́. Ó rí roboto, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ó sì dà bí ojú aago. 1 sí 12 wà yíká etí rẹ̀, ọfà kan wà láàárín tó ń na oṣù kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà lápá ọ̀tún àti òsì ọfà náà. Tí 2 bá wà lósì, tí 1 wà lọ́tùn-ún, tí ọfà sì nà sí 9, a jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ṣe ike náà. Ẹni tó ń ṣe ike ló fi í sínú mọ́ọ̀dù, ó sì ń yí ọfà rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ láìfi àpá sílẹ̀, nítorí pé ara ike gan-an ni.

Lára ike tí wọn kò tíì ṣí, aago náà nà sí oṣù kẹta 2024. Lára ike bọ́tìnnì, oṣù keje 2023. Nígbà tí a ka ti àwọn méjìlá, méjì jẹ́ ti 2020, márùn-ún ti 2021, mẹ́rin ti 2022, ọ̀kan ti 2023. Ike láti ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú páálí kan ṣoṣo! Ẹni tó ń ṣe ike lè gbàgbé láti yí ọfà fún oṣù kan sí méjì, ilé iṣẹ́ ìpara sì lè tọ́jú ike òfìfo fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń rọ ìpara tuntun sínú ike tó kó ọdún mẹ́rin jọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí irú ike bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé ni ọwọ́ àwọn tó ń ra ike òfìfo kiri ilé.

A wá dé orí nọ́ńbà báàṣì, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń dá ìpara tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀. Kí ó tó lè sọ ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ bí ilé iṣẹ́ yìí ṣe ń kọ ọ́, torí pé kálukú ló ní tirẹ̀. Ike méjì àtijọ́ ló kọ́ wa. Èyí tí wọn kò tíì ṣí ní L4127, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 06/05/2024. Ike bọ́tìnnì ní L3264, àti 21/09/2023. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn L ni òpin ọdún: 4 fún 2024, 3 fún 2023. Mẹ́ta tó kù jẹ́ iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ kà á wò: ọdún 2024 ní ọjọ́ 366, ìparí oṣù kẹrin jẹ́ ọjọ́ 121, tí a bá fi mẹ́fà kún un, ó di 127, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Ní 2023, ìparí oṣù kẹjọ jẹ́ 243, a fi 21 kún un, ó di 264. Ó bára mu géérégé nínú méjèèjì.

Àwọn méjìlá náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn: L5398, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí 12/2028. Kò sí ọjọ́ 398 nínú ọdún kankan. Ẹni tó kọ ọ́ rí i pé lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń wà níbẹ̀, ó kọ ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń kà.

Ká ní ó tilẹ̀ ṣe kòńgẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé ṣe, bí íńkì rẹ̀ ṣe jókòó ìbá tú u fó. Ní ilé iṣẹ́, ike ń lọ lórí bẹ́líìtì, ẹ̀rọ á sì máa tu íńkì sí i lára ní ẹ̀kán-ẹ̀kán láìfọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá fa fọ́tò náà tóbi, ẹ ó rí i pé tótó ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni L4127 rí, ó tilẹ̀ tẹ̀ sí apá kan díẹ̀ torí pé ike ń rìn nígbà tí íńkì bà á. L5398 ní tirẹ̀ kò ní tótó kankan. Etí lẹ́tà dúdú, àárín rẹ̀ ṣá, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ òǹtẹ̀ rọ́bà mọ́ nǹkan tó ń dán, tí íńkì sá lọ sí etí. Ìdí nọ́ńbà 5 já díẹ̀ lápá òsì, ó sì já níbì kan náà lára gbogbo ike méjìlá. Òǹtẹ̀ kan ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ike 4, 9 àti 10 fi nǹkan mìíràn hàn lábẹ́ òǹtẹ̀ náà: òjìji àwọn tótó àtijọ́. Lára ike 9 a rí L2 kedere, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan tí kò ṣeé kà, lẹ́yìn náà 16. Sípírítì tàbí oògùn tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì lè nu irú íńkì yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ibi tí íńkì ti jókòó pẹ́ kì í dán bí ara ike tó kù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n má nu ìdí ike. Ẹni tó bá nu ún kó lè ya fọ́tò tó mọ́ ti nu ẹ̀rí dànù.

Lébẹ́ẹ̀lì ló kù. Mẹ́jọ nínú wọn bá ti ike àtijọ́ mu délẹ̀, etí wọn ti gbó, ọ̀kan ti hó lápá kan. Mẹ́rin yòókù, 2, 5, 6 àti 12, tuntun ni, wọ́n sì yàtọ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tó wà níwájú lébẹ́ẹ̀lì gidi jẹ́ íńkì wúrà kan ṣoṣo, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Lára àwọn mẹ́rin yìí, àwọ̀ náà jẹ́ àkópọ̀ tótó pupa rúsúrúsú àti yẹ́lò, etí lẹ́tà sì rí jágajàga. Bí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ẹ̀rọ dàkọ ṣe ń rí nìyẹn. Ihò inú lẹ́tà e kékeré tó wà lẹ́yìn ike ti dí pátápátá.

Ohun kan tún wà tí ojú Yorùbá yẹ kó tètè mú. Faransé ló wà lára ike náà, nínú ọ̀rọ̀ wọn fún ìpara, lẹ́tà e àkọ́kọ́ ń gba àmì tó dà bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa. Lára lébẹ́ẹ̀lì mẹ́rin yẹn, bí ohùn òkè ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìdàkọ nìkan kò lè yí àmì padà, nítorí náà ẹnìkan jókòó, ó tún àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, kò sì gbọ́ èdè tó ń tẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó ti ya ni wọ́n fi wọ̀nyí rọ́pò.

Bákóòdù gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 618, tí í ṣe ti Ivory Coast, ó sì bá àdírẹ́sì Abijan tó wà lẹ́yìn ike mu. Kì í ṣe Paris. Àwọn nọ́ńbà yẹn ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ ti gba bákóòdù, wọn kì í sọ ibi tí wọ́n ti po ìpara, ẹnikẹ́ni sì lè dà wọ́n kọ. Bákan náà ni nọ́ńbà NAFDAC. Ó dára kí èèyàn wá a ní `greenbook.nafdac.gov.ng`, kó wò ó bóyá orúkọ ọjà àti orúkọ ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá ti ara ike mu. Tí kò bá mu, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Tí ó bá mu, a kàn mọ̀ pé ọjà gidi kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé òun ló wà lọ́wọ́ wa.

Ohun kan wà tí fọ́tò kò lè ṣe, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba, nítorí pé òun gan-an ni oníbàárà tó ń bó lójú fẹ́ mọ̀. Fọ́tò kò lè sọ ohun tó wà nínú ìpara. Makúrì, ohun olóró tí àwọn kan ń fi sínú ìpara tó ń bó awọ, kì í hàn sójú, kì í sì í rùn. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí makúrì ní 2013, kọ́kọ́ fi òté lé e nínú ìpara láti 2020, tó bá ti ju ìwọ̀n mílígíráàmù kan nínú kílò kan lọ. Ìwọ̀n tó kéré báyìí, ilé ìdánwò nìkan ló lè rí i. Nínú fọ́tò ike 1, èyí tí oníbàárà dá padà, etí ìpara náà ti pọ́n bí omi tíì. Aidirokuinóònù, èròjà mìíràn tó ń bó awọ, máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà lè fà á, nítorí náà a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí a rí, a kò kọ ọ́ bí ìdáhùn.

A sọ fún Àlájà pé kí oníbàárà rẹ̀ dáwọ́ ìpara náà dúró, kó sì gbé ike 1 lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kó má fi ìpara mìíràn lé e. Kí òun fúnra rẹ̀ kó mọ́kànlá yòókù sínú páálí wọn, kó fi téépù dì í, kó má dá a padà fún ọkùnrin tó gbé e wá, kó má sì dà á nù. Kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìlọrin pẹ̀lú ike àtijọ́ méjèèjì. Ó ní, "Àní bọ́tìnnì mi ńkọ́?" A ní kó dà wọ́n sínú nǹkan mìíràn, ike yẹn ti di ẹ̀rí.

Ìdáhùn tí a kọ fún un láti kó lọ kò ju gbólóhùn mẹ́rin. Ike méjìlá: mọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ Abijan ló ti jáde, láàárín 2020 sí 2023, wọ́n sì ti lò ó rí. Lébẹ́ẹ̀lì: mẹ́jọ ti ilé iṣẹ́ náà, mẹ́rin àdàkọ. Nọ́ńbà báàṣì: kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà, òǹtẹ̀ ọwọ́ ni, ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò sí. Ẹni tó po ìpara inú rẹ̀: kò hàn nínú fọ́tò.